Fọ́tò Ibi Tó Pọ́n àti Ibi Tí Ẹ̀jẹ̀ Kú Sí Lára Adúláwọ̀

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin méjì tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, ó dúdú kirikiri. Èkejì jẹ́ òyìnbó, awọ rẹ̀ funfun débi pé iṣan aláwọ̀ aró hàn ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, bàbá arúgbó kan tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà di apá àwọn méjèèjì mú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fún un títí wọ́n fi já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀gá wọn fi fóònù ya apá méjèèjì. Nínú fọ́tò ti òyìnbó, ojú ìka mẹ́rin hàn kedere, ó pọ́n wẹ̀. Nínú ti ọmọ Ìbàdàn, apá lásán lèèyàn rí. Bí ọ̀gá bá fi fọ́tò nìkan kọ ìwé rẹ̀, yóò kọ ọ́ pé ẹnì kan farapa, ẹnì kejì kò ní nǹkan kan.

Àpẹẹrẹ ni mo fi àwọn méjèèjì ṣe, a ó sì máa lò wọ́n lọ nínú orí yìí. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé dì mú ni pé, lára adúláwọ̀, kí ó má fi kámẹ́rà wá pupa. Ìyàtọ̀ ni kó wá: ìyàtọ̀ láàárín ibi tó ń dunni àti awọ tó yí i ká, láàárín apá yìí àti ìkejì rẹ̀, láàárín òní àti ọ̀la.

Ibi tí pupa náà wọlẹ̀ sí

Ìmọ́lẹ̀ funfun tó ń tàn sí wa lára, onírúurú àwọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ máa ń gbé àwọ̀ ewé inú ìmọ́lẹ̀ náà mì, ó sì máa ń dá èyí tó pupa padà, ìdí nìyẹn tí ojú wa fi ń rí ẹ̀jẹ̀ ní pupa. Bí wọ́n bá gbá èèyàn létí, àwọn iṣan tín-ín-rín abẹ́ awọ á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó ń padà síta á sì dín kù. Lára òyìnbó, ìyàtọ̀ yìí tóbi, nítorí pé ohun tó ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà kó tó kan ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀.

Lára adúláwọ̀, mẹ́láníìnì, ìyẹn èròjà tó ń mú awọ dú, wà lókè. Ẹ̀jẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé náà ni mẹ́láníìnì ti gbé mì kí ó tó kan ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀nba tó bá bọ́ yóò tún gba inú mẹ́láníìnì kọjá nígbà tó bá ń padà bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ sí i ń ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe lára òyìnbó gan-an, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tó kù tó lè fi iṣẹ́ náà hàn kò tó nǹkan mọ́. Ohun tó máa ń kù fún kámẹ́rà ni pé ibẹ̀ dú díẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwọ̀ elésè àlùkò tàbí àwọ̀ eérú díẹ̀ nínú rẹ̀.

Adúláwọ̀ kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, ẹ má gbàgbé. Lára ẹni tó pọ́n bí epo, gbígbá létí lè hàn ní pupa tó papọ̀ mọ́ àwọ̀ ilẹ̀. Lára ẹni tó dú gan-an, ó lè má hàn rárá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lára ènìyàn kan náà pàápàá, inú apá kì í dú tó ẹ̀yìn apá, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ sì mọ́ ju méjèèjì lọ. Bí ìfarapa bá kan irú ibi tó mọ́ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà.

Ohun tí àìrí pupa yìí ń fà kọjá ọ̀rọ̀ fọ́tò. Lọ́dún 2002, Ben-Gashir àti Hay tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọdé tó ní ẹ́síìmà ní Lọ́ńdọ̀nù. Òṣùwọ̀n tí àwọn dókítà ń lò máa ń ka pípọ́n awọ mọ́ ohun tí wọ́n fi ń mọ bí àìsàn náà ṣe le tó. Nígbà tí àwọn olùwádìí ṣe àtúnṣe fún pípọ́n náà nínú ìṣirò wọn, ó hàn pé ewu kí ẹ́síìmà le lára ọmọ dúdú tó ìlọ́po mẹ́fà ti ọmọ funfun. Ó ti ń le lára wọn tẹ́lẹ̀. Òṣùwọ̀n ni kò rí i. Ẹni tó bá fẹ́ fọ́tò tí yóò fi kọ́ ojú rẹ̀ lè wá ìwé Mind the Gap, tí Malone Mukwende gbé jáde lọ́dún 2020 pẹ̀lú àwọn olùkọ́ rẹ̀ méjì, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní St George's ní Lọ́ńdọ̀nù. Fọ́tò àmì àìsàn lára àwọn adúláwọ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ tó kú ṣe ń yí padà

Ibi tó pọ́n àti ibi tí ẹ̀jẹ̀ kú sí kì í ṣe ohun kan náà. Ní ibi tó pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú iṣan rẹ̀. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sá. Tí ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò, á padà. Ní ibi tí ẹ̀jẹ̀ kú sí, iṣan ti já, ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn sínú ẹran ara, títẹ̀ kò sì lè lé e lọ. Gíláàsì tó mọ́ gaara ni wọ́n máa ń fi tẹ̀ ẹ́ láti mọ ìyàtọ̀. Lára adúláwọ̀, fọ́tò kan kì í fi sísá ẹ̀jẹ̀ yìí hàn dáadáa. Fídíò kúkúrú ló dára, kí ẹ yà á bí gíláàsì ṣe ń tẹ ibẹ̀ àti bí ẹ ṣe ń gbé e kúrò. Bó bá jẹ́ ọmọ tí ibà ń ṣe ni nǹkan sú sí lára, tí èyí tó sú náà kò sì pòórá lábẹ́ gíláàsì, ẹ má yà á mọ́, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Lára ọmọ dúdú, àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, inú ìpéǹpéjú àti àjà ẹnu lẹ ó ti tètè rí i.

Ní ọjọ́ kejì, apá òyìnbó tá a mú ṣe àpẹẹrẹ ti di àwọ̀ elésè àlùkò pọ̀ mọ́ àwọ̀ aró. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà àwọ̀ ìyeyè, nítorí pé ara ń tú èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ náà palẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Á pòórá ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnikẹ́ni tó bá wo fọ́tò wọ̀nyí tẹ̀ léra wọn á rí ìtàn kan tó ń lọ.

Apá ọmọ Ìbàdàn ń sọ ìtàn kan náà, ohùn rẹ̀ ló kéré. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, wíwú díẹ̀ ló wà, ó sì ń dùn ún bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, àmì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dú ju awọ tó yí wọn ká lọ á jáde, etí wọn kò ní mú ṣáká. Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní hàn ní orúkọ wọn. Ohun tí fọ́tò á fi hàn ni pé dúdú náà ń fẹ́lẹ́, ó sì ń sún mọ́ àwọ̀ ilẹ̀. Bí èékánná bàbá yẹn bá họ awọ, ibi tó họ lè wá dú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí gbogbo ìyókù ti san. Dúdú yẹn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ mọ́. Mẹ́láníìnì ni awọ ṣe láṣejù nígbà tó ń wo ara rẹ̀ sàn. Ẹ má kà á mọ́ ìfarapa tuntun.

Ẹ̀jẹ̀ tó kú sí inú ẹran ara jíjìn lè pẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó dé abẹ́ awọ, ó sì lè rìn lọ sísàlẹ̀. Ẹni tí wọ́n lù níwájú orí lè jí kí ojú rẹ̀ méjèèjì wú, kí abẹ́ ojú sì dú, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ojú rẹ̀.

Ohun tí kámẹ́rà tún ń bà jẹ́

Awọ ti fi díẹ̀ pa mọ́. Fóònù á wá fi ìyókù pa mọ́. Nígbà tí ẹ bá gbé fóònù sókè, ó ń gbìyànjú láti mú gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀, bí a bá pò ó pọ̀, wá sí àárín méjì dúdú àti funfun. Bí ẹ bá gbé apá dúdú lé bẹ́ẹ̀dì onífunfun, aṣọ funfun ló pọ̀ jù nínú àwòrán, fóònù á sì dín ìmọ́lẹ̀ kù nítorí rẹ̀. Apá á wá dú kọjá bó ṣe rí, ìyàtọ̀ kékeré tá à ń wá á sì rì sínú òkùnkùn. Bí ẹ bá wá fi apá náà kún ojú àwòrán láìsí nǹkan mìíràn, fóònù á tún mú un mọ́ jù, awọ á ṣá bí eérú.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Láyé fíìmù, fọ́tò obìnrin òyìnbó kan, tí wọ́n ń pè ní káàdì Shirley, ni wọ́n fi ń díwọ̀n àwọ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò Kodak. Ó di àwọn ọdún 1990 kí Kodak tó ṣe èyí tí àwọn obìnrin onírúurú àwọ̀ wà nínú rẹ̀. Fóònù ayé ìsinsìnyí dára ju ìyẹn lọ ní ojú èèyàn, torí pé ó ń dá ojú mọ̀. Kò dá apá tàbí itan mọ̀.

Dídán ni ọ̀tá kejì. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kọ lára awọ láìwọlé kì í gbé ìròyìn kankan bọ̀, funfun lásán ni. Lára òyìnbó, funfun yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí awọ rẹ̀. Lára awọ dúdú tí wọ́n fi òrí tàbí ìpara pa, ó máa ń bo ibi tá a fẹ́ rí mọ́lẹ̀ pátápátá, pàápàá bó bá jẹ́ pé fíláàṣì fóònù ni wọ́n tàn sí i ní tààràtà.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ohun èèlò ẹwà. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, Portrait àti Beauty máa ń mú awọ jọ̀lọ̀, ohun tí wọ́n sì kà sí àbùkù ni ohun tí àwa ń wá. Àwọn fóònù kan wà tí Beauty ti wà ní títàn láti ilé ìtajà. Ẹ wá a, kí ẹ pa á.

Bí a ṣe máa yà á

Ẹ padà sí ọ̀dọ̀ ọmọ Ìbàdàn wa. Kí ó kọ́kọ́ fi aṣọ rírọ̀ nu ìpara kúrò lápá láìfi agbára rin ín. Kí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lójú mọmọ, níbi tí oòrùn kò ti tàn sí i tààrà, kí wọ́n sì pa iná inú yàrá. Iná gílóòbù tó papọ̀ mọ́ ìmọ́lẹ̀ fèrèsé máa ń da àwọ̀ rú, iná tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú sì máa ń gbé àwọ̀ ìyeyè mì ráúráú. Bó bá jẹ́ alẹ́, ẹ ya èyí tẹ́ ẹ lè yà, kí ẹ tún un yà láàárọ̀.

Aṣọ aláwọ̀ eérú tàbí búlúù tó ti ṣá ni kí ẹ tẹ́ sábẹ́ apá. Ẹ má lo funfun, ẹ má sì lo pupa tàbí ọsàn, torí àwọ̀ aṣọ máa ń tàn padà sára awọ. Ẹ̀ka àwọn ọlọ́pàá tó ń ya ìfarapa ní rúlà onígun tí wọ́n ń pè ní ABFO No. 2, tó ní àmì funfun, dúdú àti eérú lára. Rúlà ọmọ ilé ìwé náà á ṣe é. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó farapa, kó wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú awọ, kó má sì bo nǹkan kan.

Ẹ yà á láti ìjìnnà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ láti òkèèrè, kí àwòrán fi hàn pé apá ẹni yìí ni, kí ojú rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìkejì kó gba gbogbo apá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọwọ́. Ìkẹta nítòsí, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú rúlà, lẹ́ẹ̀kan láìsí rúlà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé rúlà ń fi nǹkan pa mọ́. Kí fóònù dojú kọ awọ gbọọrọ. Ẹ má sún mọ́ ọn jù. Láti bí 30 sí 50 sẹ̀ǹtímítà ni kí ẹ ti fà á sún mọ́ pẹ̀lú 2x, torí pé òjìji fóònù á bọ́ sórí awọ bí ẹ bá sún mọ́ jù, àwòrán á sì tẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń ya ti ìtòsí, ẹ fi ìka tẹ ibi tó farapa lójú fóònù, kí ẹ má gbé ìka. Lórí iPhone, AE/AF LOCK á jáde. Lórí ọ̀pọ̀ Android, àmì àgádágodo kékeré ni. Lẹ́yìn náà ẹ fa àmì oòrùn sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó rọrùn: irun apá àti ìlà awọ gbọ́dọ̀ ṣeé rí níbi tó dú jù, nọ́ńbà orí rúlà sì gbọ́dọ̀ ṣeé kà. Bí irun bá ti rì, ìmọ́lẹ̀ kéré. Bí nọ́ńbà bá ti pòórá, ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù.

Ohun tí mo gbà pé ó wúlò ju gbogbo rẹ̀ lọ, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í ṣe, ni fọ́tò onímọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́. Ẹ yí apá náà kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, tàbí ti iná bó bá jẹ́ alẹ́, máa gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni pé ó ń wọ́ lórí awọ. Wíwú tí kò hàn níwájú á wá ní òjìji. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, nígbà tí kò sí àwọ̀ kankan lápá ọmọ Ìbàdàn, òjìji yìí nìkan ni ẹ̀rí tí kámẹ́rà lè mú. Lẹ́yìn náà, kí ó gbé apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú àwòrán kan, èyí tó farapa àti èyí tí kò farapa. Fọ́tò òyìnbó lè dá dúró. Ti adúláwọ̀ nílò ẹlẹ́gbẹ́.

Kí wọ́n tún un yà ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta àti ní nǹkan bí ọjọ́ keje, níbì kan náà, ní nǹkan bí àsìkò kan náà lójúmọ́.

Bí a ṣe ń kà á, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ẹ má fi àwọ̀ sọ ọjọ́ orí ìfarapa. Lára òyìnbó pàápàá, ohun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù láti inú ìwádìí Langlois àti Gresham lọ́dún 1991 kò ju pé àwọ̀ ìyeyè kì í jáde kí wákàtí 18 tó pé. Lára adúláwọ̀, níbi tí àwọ̀ ìyeyè lè má tiẹ̀ hàn, ẹni tó bá sọ pé òun mọ ọjọ́ láti inú fọ́tò kan ń ṣe àfojúbù.

Kì í sì í ṣe gbogbo ibi tó dú ni ẹ̀jẹ̀ kú sí. Ọ̀pọ̀ ọmọ adúláwọ̀ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àmì dúdú tàbí aláwọ̀ aró ní ìdí tàbí ẹ̀yìn. Lókè òkun, ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé wọ́n fi irú àmì bẹ́ẹ̀ fẹ̀sùn lílu ọmọ kan òbí. Àmì abínibí kì í wú, kì í dunni, kò sì ní yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Fọ́tò méjì tí ọ̀sẹ̀ kan wà láàárín wọn á yanjú ọ̀rọ̀ náà. Òbí tó bá ń gbé lókè òkun, kí ó ní kí wọ́n kọ àmì náà sínú ìwé ọmọ látìgbà tí wọ́n ti bí i.

Ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ àkànṣe wà fún àwọn nọ́ọ̀sì tó ń yẹ ìfarapa wò. Ìwádìí tí Katherine Scafide ṣáájú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2020, fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ 415 àti 450 nanomítà, tí a bá fi gíláàsì aláwọ̀ ìyeyè wò ó, ń fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ kú sí hàn ju ìmọ́lẹ̀ funfun lọ lára onírúurú awọ. Ṣùgbọ́n ìpara, àtíkè àti àpá àtijọ́ náà lè dúdú lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹni tó kọ́ ọ ló yẹ kó lò ó. Tọ́ọ̀ṣì búlúù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lọ́jà kò lè rọ́pò rẹ̀, ó sì lè pa ojú lára.

Ohunkóhun tí ẹ bá fi yà á, ẹ má ṣe àtúnṣe kankan sí ojúlówó fọ́tò náà. Bí ẹ bá fẹ́ mú un mọ́ kí ẹlòmíràn lè rí i, ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ ṣe é sí, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ṣe. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, ìyàtọ̀ kékeré bíi tiwa yìí ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document. Ní Nàìjíríà, abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ló ń ṣàkóso ẹ̀rí tó bá ti inú ẹ̀rọ wá, ó sì ń béèrè ìwé tí yóò sọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n lò àti bí wọ́n ṣe lò ó. Nítorí náà ẹ tọ́jú fóònù tí ẹ fi yà á, kí ẹ kọ ọjọ́, aago àti orúkọ ẹni tó yà á sílẹ̀.

Fọ́tò kò lè gbé ooru, kò lè gbé ìrora, kò sì lè sọ pé abẹ́ awọ le. Ohun mẹ́ta tí ọwọ́ fi ń mọ ìfarapa lára adúláwọ̀ nìyẹn. Bí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bá ń yẹ̀ yín wò, ẹ ní kó fọwọ́ kan ibẹ̀, kó fi rúlà wọ̀n ọ́n, kó sì kọ ohun tó bá níbẹ̀ sínú ìwé yín lọ́jọ́ náà gan-an.